Káàdì gba owó ní ATM Dùbáì lálẹ́, ó kọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀

Àbúrò Aláṣọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, Òṣogbo, wà ní Dùbáì. Lálẹ́ àná ó fi káàdì náírà rẹ̀ gba 500 dírámù lẹ́nu ATM ní pápákọ̀ òfurufú. Láàárọ̀ yìí ó fẹ́ san 3,200 fún ẹni tó ń ta léèsì, káàdì kọ̀. Ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, pàbó ni. Owó sì wà ńbẹ̀ dáadáa. Oníṣọ́ọ̀bù ti di ẹrù, ó ní òun ò ní í dúró kọjá ìrọ̀lẹ́. Kí la fẹ́ ṣe?

---

Ọmọ Òkè-Fìà

Kò le rárá. Wọn ò ṣí káàdì yẹn fún ìlò òkè òkun ni. Kó wọ inú áàpù báńkì, kó lọ síbi tí káàdì wà, kó tan ìlò òkè òkun. Ìṣẹ́jú méjì péré.

---

Akọ̀wé Ìgbọ́nà

Ọmọ Òkè-Fìà, tó bá jẹ́ pé wọ́n tì í pa, ta ló wá ka 500 dírámù fún un lálẹ́ àná?

Káàdì tí wọ́n ti ìlò òkè òkun rẹ̀ pa kì í ṣe ojúsàájú. Kódà tó bá fẹ́ fi ra omi ìgò kan, ojú ẹsẹ̀ ló máa kọ̀, láti ìgbà tó ti gúnlẹ̀, bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n fi àgádágodo sí. Èyí tó gba àkọ́kọ́ tó wá kọ ìkejì, àwọn tó ń ṣọ́ jìbìtì ní báńkì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n rí nǹkan tó ṣàjèjì lójú wọn, wọ́n dì í mú.

Àbúrò, ẹ̀rọ POS tẹ ìwé pélébé kan jáde nígbà tó kọ̀. Ẹ ní kó yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí yín. Kó má sì tún káàdì yẹn kì bọ ẹ̀rọ kankan títí a ó fi rí ìwé náà.

---

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹ sọ ọ́ kọjá bó ṣe rí. Nínú áàpù ọ̀pọ̀ báńkì, bọ́tìnì ìlò òkè òkun kì í ṣe ẹyọ kan. ATM ní tiẹ̀, POS ní tiẹ̀, orí ayélujára náà ní tiẹ̀. Èèyàn lè tan ti ATM kó gbàgbé ti POS. Owó á jáde lálẹ́, ṣọ́ọ̀bù á kọ̀ láàárọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá yìí gan-an nìyẹn.

---

Akọ̀wé Ìgbọ́nà

Mo gbà. Ibẹ̀ yẹn lo ti mú mi. Nítorí náà, nǹkan méjì la fẹ́ mọ̀: kí ni bọ́tìnì POS inú áàpù ń sọ, kí ló sì wà lórí ìwé pélébé.

---

Tèmi-Ni-Kẹ́ẹ-Gbọ́

Ohun tó ń ṣe èmi náà nìyí! Oṣù méjì rèé tí káàdì mi kọ̀ láti san owó ìpolówó lórí Facebook. Ìdí Ọlaiya ni mo jókòó sí o, mi ò rin ìrìn kankan. Ẹ jọ̀ọ́, Akọ̀wé, bọ́tìnì wo ni kí n tẹ̀?

---

Akọ̀wé Ìgbọ́nà

Tìẹ yàtọ̀ sí èyí. Bọ́tìnì orí ayélujára ni kó o wò. Tó bá wà ní títàn, béèrè iye dọ́là tí báńkì rẹ fàyè gbà lóṣù fún irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Àwọn míì ò fàyè gba kọ́bọ̀. Ṣí ìbéèrè tìẹ lọ́tọ̀, jẹ́ ká parí ti ìyá yìí, ẹrù rẹ̀ wà nílẹ̀.

---

Àbúrò Aláṣọ

Ẹ ṣé. Ó ti fi fọ́tò ránṣẹ́. Ohun tó wà lórí ìwé náà rèé:

```
SALE   AED 3,200.00
DECLINED
RC: 05
```

Ó tún ya ojú áàpù. ATM òkè òkun wà ní títàn, POS òkè òkun wà ní títàn, ti orí ayélujára nìkan ló wà ní pípa.

---

Akọ̀wé Ìgbọ́nà

Ó dáa. A lè yọ ọ̀rọ̀ bọ́tìnì kúrò.

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé RC ni èsì tí báńkì tó ni káàdì fi ránṣẹ́ láti Nàìjíríà. Oníṣọ́ọ̀bù ò mọ nǹkankan nípa rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyá máa bá a jà. Tó bá jẹ́ pé títì ni wọ́n tì í, 57 ló sábà máa ń jáde, ìyẹn ni pé wọn ò yọ̀ǹda irú ìlò yìí fún káàdì náà. Tí owó ò bá tó, 51 ni. Tó bá ti ná kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fún un, 61. Tó bá ti ṣi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tẹ̀ kọjá iye ìgbà tí wọ́n gbà, 75.

05 ni èyí tí kò sọ ìdí. Báńkì kàn ní òun ò gbà, ó pa ẹnu mọ́. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí tó bá jẹ́ olè ló mú káàdì náà dání, wọn ò ní í fẹ́ kó mọ̀ pé wọ́n ti rí òun. Bọ́tìnì wà ní títàn, owó wà ńbẹ̀, ATM ti gbà lálẹ́, 05 wá jáde láàárọ̀: àwọn tó ń ṣọ́ jìbìtì ni.

---

Bàbá Oníléèsì

Akọ̀wé, má fi gbogbo ara lé 05 yẹn. Àwọn báńkì kan wà tó jẹ́ pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, 05 náà ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n lè ti káàdì pa, 05. Wọ́n lè ní ìwọ̀n ti kún, 05. Ìwé pélébé máa ń tọ́ka ọ̀nà síni, àmọ́ mi ò lè fi búra.

Ohun tí mo máa wò ju ìyẹn lọ ni fóònù. Símù Nàìjíríà tí báńkì mọ̀ ọ́n mọ́, ó wà nínú fóònù rẹ̀ ní Dùbáì àbí ó fi sílẹ̀ nílé? Nígbà tí ìnáwó orí káàdì bá mú kí àwọn tó ń ṣọ́ jìbìtì fura, wọ́n máa ń pè tàbí kí wọ́n fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́: ṣé ìwọ lò ń ná owó yìí? Tí nọ́ńbà ò bá lọ, wọ́n á ti káàdì pa títí wọ́n á fi gbọ́ ohùn rẹ.

---

Àbúrò Aláṣọ

Háà. Símù náà wà lọ́wọ́ mi níbí, inú fóònù kékeré tó fi sílẹ̀ nílé ló wà. Símù Dùbáì ló ń lò níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan fóònù náà. Nọ́ńbà kan láti Èkó ti pè lẹ́ẹ̀mejì láago méje ku díẹ̀ láàárọ̀. Tẹ́ẹ̀sì kan náà wà ńbẹ̀, ó ní wọ́n rí ìnáwó tí kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu lórí káàdì, wọ́n ti dá a dúró fúngbà díẹ̀, kí ó pe báńkì.

Ṣé kí n pè wọ́n fún un? Mo mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, mo mọ BVN rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀.

---

Akọ̀wé Ìgbọ́nà

Rárá o! Ẹ má pe ara yín ní òun. Ẹni tó wà lórí ìlà máa béèrè ibi tó ti ná owó kẹ́yìn, á fi ohùn yín wé ọjọ́ orí tó wà lójú rẹ̀, tó bá fura, dídá dúró fúngbà díẹ̀ á di títì pátápátá. Ìyẹn ò ní í ṣí títí ìyá á fi dé Òṣogbo gba káàdì tuntun. Tí ẹ bá sì lọ sí báńkì ní Gbọ̀ngán Road, wọ́n á ní kí oníkáàdì fúnra rẹ̀ wá.

Òun ló máa pè. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń há. Ní Dùbáì, WhatsApp ń gba ọ̀rọ̀ kíkọ, àmọ́ ìpè orí rẹ̀ kì í lọ níbẹ̀, ìjọba wọn ò fàyè gbà á. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0700 náà kì í sábà lọ láti òkè òkun. Kó yí káàdì náà padà, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí kó wo ìsàlẹ̀ áàpù: nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234 ni kó pè, láti orí símù Dùbáì rẹ̀. Kó fi owó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, torí wọ́n máa ń fi orin dá èèyàn dúró.

Fóònù kékeré yẹn, ẹ má pa á o. Wọ́n lè fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ síbẹ̀ nígbà tó bá wà lórí ìlà. Ẹ kà á fún un fúnra rẹ̀, ẹ má kà á fún ẹlòmíì, ohun yòówù kí onítọ̀hún sọ.

---

Ọmọ Òkè-Fìà

Kí ló tilẹ̀ bà wọ́n lẹ́rù? 500 dírámù péré ló kọ́kọ́ gbà.

---

Bàbá Oníléèsì

Ẹ̀rọ ló ń wò ó, kì í ṣe èèyàn, kò sì mọ ìyá rí. Ohun tó mọ̀ ni pé láti ọdún tó ti ní káàdì, Òṣogbo ló ń ná an, ilé epo, súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Lójijì, orílẹ̀-èdè tí káàdì ò dé rí. Owó ATM kọ́kọ́ jáde. Wákàtí mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ìlọ́po mẹ́fà iye yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù kan. Bí olè ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn: á kọ́kọ́ tọ́ díẹ̀ wò, tó bá gbà, á kó gbogbo ẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìyá láago méje wa níbí, aago mẹ́wàá ti lù lọ́dọ̀ tiwọn, ó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó tún wá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kíní nìkan ni wọ́n fẹ́ kọ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta ló mú kí wọ́n ti gbogbo rẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù míì á tún ní kí wọ́n fa káàdì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n má fi ojú góòlù yẹn kì í bọnú. Ìyẹn ló burú jù, torí orí ìlà dúdú ẹ̀yìn káàdì ni àwọn tó ń da káàdì kọ ń lò. Kó má gbà.

---

Alhaja Stéṣàn

Ẹ ń wá nǹkan tó ti sọnù. Kó tó kúrò nílé ló yẹ kó kọ lẹ́tà sí báńkì pé òun ń lọ sí Dùbáì láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Àwọn tó ń lọ Mẹ́kà láti Ọ̀ṣun mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ọdún la máa ń sọ ọ́ fún wọn. Ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ fi orílẹ̀-èdè sí i, ẹ gba òǹtẹ̀.

---

Bàbá Oníléèsì

Alhaja, ẹ ṣeun, àmọ́ lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ yẹn, inú fáìlì ọ̀gá báńkì ní Òṣogbo ló ń sùn. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ káàdì, Èkó ló wà, kì í ka lẹ́tà. Àfi tí òṣìṣẹ́ yẹn bá tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà fún ẹ̀ka káàdì.

---

Alhaja Stéṣàn

Tiwa ń ṣiṣẹ́ o. Àwọn tó kọ̀wé kì í há, àwọn tí kò kọ ló ń há.

---

Akọ̀wé Ìgbọ́nà

Ó lè jẹ́ pé báńkì tiyín ń tẹ̀ ẹ́, Alhaja. Ti báńkì míì, inú áàpù ni wọ́n ní kí èèyàn yan orílẹ̀-èdè àti ọjọ́ sí. Èmi ò ní í sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ lẹ́tà, àmọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kó pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, kó béèrè pé, “Ṣé ẹ rí i lójú kọ̀ǹpútà yín pé mò ń rìnrìn àjò?” Bí wọ́n bá ní àwọn ò rí i, lẹ́tà ò dé ibi tó yẹ kó dé.

---

Àbúrò Aláṣọ

Ó ti ń pè wọ́n báyìí. Kí ló yẹ kó sọ?

---

Akọ̀wé Ìgbọ́nà

Kó má kàn ní “káàdì mi ò ṣiṣẹ́,” torí wọ́n á ní kó tún un gbìyànjú ni. Kó ní àwọn tó ń ṣọ́ jìbìtì ló dá káàdì òun dúró, òun gba tẹ́ẹ̀sì, òun lòun ń ná an, ní Dùbáì. Wọ́n á ka ìnáwó tó wà níbẹ̀ fún un, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Kó wá ní kí wọ́n kọ orílẹ̀-èdè náà mọ́ káàdì títí di ọjọ́ tó ń padà. Bí wọ́n bá ṣí i láìkọ ìyẹn, ìnáwó ńlá tó tẹ̀lé e lè tún tì í.

Kó tó sọ fóònù kalẹ̀, kó béèrè: dọ́là mélòó ló kù fún mi lórí káàdì yìí? Ẹ má gbàgbé ìbéèrè yìí o.

---

Àbúrò Aláṣọ

Wọ́n ti ṣí i. Wọ́n kọ Dùbáì mọ́ ọn títí di ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní 1,000 dọ́là ni ìwọ̀n rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, ATM àti POS papọ̀. Ó ti ń padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti lọ san 3,200.

---

Akọ̀wé Ìgbọ́nà

Ẹ dá a dúró!

Dírámù ò yí padà sí dọ́là bíi náírà, 3.6725 sí dọ́là kan ni wọ́n dè é mọ́ láti 1997. 500 tó gbà lálẹ́ jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 136. 3,200 jẹ́ nǹkan bíi 871. Ẹ rò ó pọ̀: 1,007. Dọ́là méje péré ló fi kọjá ìwọ̀n. Káàdì á tún kọ̀, lọ́tẹ̀ yìí tòótọ́-tòótọ́, oníṣọ́ọ̀bù á rò pé gbájú-ẹ̀ ni ìyá. Àwọn tó ń ṣọ́ jìbìtì náà á tún rí ìkọ̀sílẹ̀ míì lórí káàdì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Kó fi káàdì san 3,000. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 817, tí a bá fi 136 kún un, 953. Ìyókù fi àyè sílẹ̀ fún owó tí ATM lè ti gé lé e àti ìyàtọ̀ kékeré nínú bí báńkì ṣe ń ṣe é. Kó mú 200 tó kù nínú 500 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

---

Ọmọ Òkè-Fìà

Ṣé kó má kúkú pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, 300 dírámù, 300 dírámù? Wọn ò ní í fura sí owó kékeré.

---

Bàbá Oníléèsì

Ọmọ Òkè-Fìà, o fẹ́ pa wá lẹ́rìn-ín. Iye kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹwàá nínú ìdajì wákàtí? Ìyẹn gan-an ni ẹ̀rọ yẹn ń wá kiri. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kó san án, kó ki ojú góòlù bọ ẹ̀rọ, kó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Tí ẹ̀rọ bá béèrè bóyá náírà tàbí dírámù, dírámù ni kó yàn.

Lọ́jọ́ míì kó gba BTA, dọ́là ìrìn àjò oníṣòwò, ní báńkì. 5,000 dọ́là ni wọ́n fàyè gbà fún oníṣòwò láàárín oṣù mẹ́ta, 4,000 fún ẹni tó ń rìnrìn àjò lásán, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní PTA. Èèyàn tó fẹ́ ra léèsì kó má fi káàdì ọ̀nà ọ̀fun ṣe é.

---

Tèmi-Ni-Kẹ́ẹ-Gbọ́

Ṣé BTA yẹn ò ní í ní wàhálà báyìí? Tí wọ́n bá fún un lówó dọ́là lọ́wọ́, kí ló kan káàdì?

---

Akọ̀wé Ìgbọ́nà

Ní 2024 CBN ní kí àwọn báńkì má fi owó ọwọ́ san PTA àti BTA mọ́, kó gba orí káàdì tàbí ọ̀nà orí kọ̀ǹpútà míì. Nítorí náà, orí káàdì náà ló tún ń bọ̀, àwọn tó ń ṣọ́ jìbìtì kan náà ló sì ń wò ó. Ìwọ̀n rẹ̀ ló ga jù. Káàdì àpò dọ́là náà ní bọ́tìnì tirẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ títí wọ́n á fi dé ìdí ẹ̀rọ.

---

Ọmọ Òkè-Fìà

Àti pé ìwọ̀n 1,000 yìí gan-an, ẹ dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ báńkì ti dáwọ́ ìlò náírà ní òkè òkun dúró láti 2022. Ní 2025 ni àwọn kan tún ṣí i.

---

Bàbá Oníléèsì

Ìyẹn lóòótọ́.

---

Àbúrò Aláṣọ

Ó ti wọlé! 3,000 lọ lẹ́ẹ̀kan, álàátì ti dé sórí fóònù kékeré tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ti fi 200 lé oníléèsì lọ́wọ́. Ẹ ṣeun gan-an.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọkọ̀ òfurufú Etiópíà ló wọ̀, wákàtí mẹ́fà ló máa lò ní Adis Ababa. Ó ní òun fẹ́ fi káàdì ra oúnjẹ níbẹ̀.

---

Akọ̀wé Ìgbọ́nà

Dùbáì nìkan ni wọ́n kọ mọ́ ọn. Etiópíà ò sí níbẹ̀. Kó mú dírámù díẹ̀ tàbí dọ́là ọwọ́ lọ sí Adis Ababa, àfi tó bá tún pè wọ́n kí wọ́n fi Etiópíà kún un.

---

Alhaja Stéṣàn

Mo sọ fún yín pé kó kọ lẹ́tà.